Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Korò Láìfi Òótọ́ Pamọ́

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n má lo “ìṣòro”, “ìkùnà” àti “ó ṣeni láàánú” mọ́, nítorí wọ́n ń já àwọn èèyàn láyà. Mo yọ wọ́n, ni oníbàárà kan bá ní a tan òun jẹ. Báwo ni mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tó dára rọ́pò wọn láìpurọ́?*

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀gá yín ní kí ẹ ṣe kò burú, ẹ̀sùn tí oníbàárà yín fi kàn yín náà kò sì jẹ́ àsọdùn. Ó jọ pé nígbà tí ẹ yọ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọ̀ jù wọ́n lọ ni ẹ fi dí àyè wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni òkodoro ọ̀rọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó korò nínú lẹ́tà iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ òótọ́ fúnra rẹ̀. Àkọlé lásán ni, tí ẹni tó ń kọ̀wé fi lé orí ohun tí kò fẹ́ tú palẹ̀. Bí ẹ bá fi àkọlé kan pààrọ̀ òmíràn, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà nípamọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àkọlé náà kúrò, tí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an síbẹ̀, gbólóhùn náà á rọ̀ létí, oníbàárà á sì mọ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ korò náà ìbá sọ fún un lọ.

Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe kò jọra, nítorí náà ohun tí a ó fi rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè jọra.

“Ìṣòro” dà bí àpò tí a so lẹ́nu: ẹni tí a gbé e lé lọ́wọ́ mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Nígbà tí oníbàárà bá kà á pé “a ní ìṣòro lórí iṣẹ́ yín”, ibi tó burú jù ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Ó lè rò pé iṣẹ́ náà ti jóná, pé owó òun ti wọgbó, tàbí pé ẹ ti gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣáájú tòun. Bó bá jẹ́ pé bébà tí ẹ bèèrè ni kò tíì dé, tí yóò sì dé lọ́jọ́rú, ìròyìn náà kéré gan-an sí ohun tó ti ń rò lọ́kàn. Ìdí nìyí tí dídárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fi sábà máa ń tuni lára ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti fi “ìpèníjà” rọ́pò “ìṣòro”, wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣàtúnṣe. Kò sí àtúnṣe kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà kejì tàbí ẹ̀kẹta, oníbàárà ti mọ̀ pé ìpèníjà ni ilé iṣẹ́ yìí ń pe ìṣòro, ẹ̀rù náà á sì padà wá, àfi pé yóò tún mú ìfura dání.

“Ìkùnà” ní tirẹ̀ jẹ́ ìdájọ́ tí kò ní ìwọ̀n. “A kùnà láti parí iṣẹ́ yín” lè túmọ̀ sí pé ẹ kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó ku ìdá mẹ́rin kan kó pé. Ẹni tó ń kà á kò lè mọ̀ èwo ni. Ohun tó ń rọ́pò ìdájọ́ ni ìwọ̀n: ohun tí a jọ fẹnu kò sí, ohun tó ti wà nílẹ̀, ohun tó kù, àti ọjọ́ tí èyí tó kù yóò pé. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wà nínú lẹ́tà, oníbàárà lè ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí ìdí fún yín láti ṣe é fún un. Ẹ kàn ṣọ́ra fún “kò ì tíì”. Ọ̀rọ̀ náà wúlò gan-an, nítorí ó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìlérí ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “a kò tíì rí irú bébà yẹn” nígbà tí ẹ ti mọ̀ pé wọn kò ṣe é mọ́, irọ́ ni ẹ pa, bó ti wù kí gbólóhùn náà rọ̀ tó.

“Ó ṣeni láàánú” ló gba ìrònú jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára, ó sì ń dọ́gbọ́n sọ pé kò sẹ́ni tó fà á. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá kọ̀wé pé “ó ṣeni láàánú pé ìwé yín yóò pẹ́”, ṣe ló dà bíi pé òjò ló rọ̀. Bí ẹ̀bi náà bá jẹ́ tiyín, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni gbólóhùn kan tó ní olùṣe, “àwa ni a ṣe é”, àti ẹ̀bẹ̀ kúkúrú kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀bi tiyín níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, nítorí kò sí ohun tí yóò dín kù níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àánú wà nínú lẹ́tà, ìyẹn nígbà tí ohun tó sọnù kò bá ní àtúnṣe. Bí fọ́tò kan ṣoṣo tí oníbàárà ní nípa ìyá rẹ̀ tó ti kú bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, kò sí ọ̀rọ̀ àtúnṣe kankan tó yẹ ẹ́. Ẹ sọ pé ó bàjẹ́, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, kí ẹ sì sọ pé ó dùn yín.

Ẹ jẹ́ ká wá fi lẹ́tà kan ṣe é, kí ó lè yé wa dáadáa. Ká ní oníbàárà kan gbé ìwé 600 fún yín láti tẹ̀, ẹ sì ti fẹnu kò pé yóò gbà á ní ọjọ́ 14 oṣù. Ẹ ti parí 450. Nínú 150 yòókù, àwọn tó ń to ìwé jọ fi ìpín kẹta ṣáájú ìpín kejì, tí ojú ìwé 33 sí 48 fi wá ṣáájú ojú ìwé 17 sí 32, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àwọn 150 náà kò ṣeé tú mọ́. Ẹ ó tẹ òmíràn, yóò sì parí ní ọjọ́ 22.

Lẹ́tà àtijọ́ ìbá lọ báyìí: “Ó ṣeni láàánú láti fi tó yín létí pé a ní ìṣòro lórí ìwé yín, a sì kùnà láti parí rẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún wa.” Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé síbẹ̀, ó sì korò, síbẹ̀ ohun kan ṣoṣo ni oníbàárà mọ̀ lẹ́yìn tó kà á tán: iṣẹ́ náà yóò pẹ́. Kò mọ iye tó ti parí, kò mọ ohun tó fà á, kò sì mọ ọjọ́ tó máa parí.

Lẹ́tà tí a kàn fi omi rọ̀ ìbá lọ báyìí: “Inú wa dùn láti jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu lórí ìwé yín. A ń ṣe àfikún àtúnṣe sí i kí ó lè dára gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. A ó kàn sí yín láìpẹ́.” Ẹ lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ ń lọ lóòótọ́, àtúnṣe sì ni títẹ òmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ yóò gbà pé ìwé 600 ń bọ̀ ní ọjọ́ 14, yóò sì lọ sanwó gbọ̀ngán tí yóò ti ṣí ìwé náà. Lẹ́tà yìí ti yọ ohun kan ṣoṣo tí lẹ́tà àtijọ́ sọ kúrò, ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà yóò pẹ́. Èmi gbà pé irú lẹ́tà báyìí ni oníbàárà yín gbà, tó fi bínú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ẹ lo ọ̀rọ̀ líle fún òun. Ó fẹ́ mọ̀ pé ìwé òun yóò pẹ́, nígbà tí ó ṣì lè yí ètò padà.

Èyí ni bí èmi ìbá ṣe kọ ọ́:

“Ìwé 450 nínú 600 tí ẹ ní kí a tẹ̀ ti parí, ẹ sì lè rán ẹni wá kó wọn láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11. Ìwé 150 yòókù yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22, ìyẹn ọjọ́ 8 lẹ́yìn ọjọ́ 14 tí a jọ fẹnu kò sí. Àwa ni a ṣe àṣìṣe nígbà tí a ń to wọn jọ: ojú ìwé 33 sí 48 ṣáájú ojú ìwé 17 sí 32, a sì ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí a tó rí i. A ń tẹ 150 mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì ní san owó kankan lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Bí gbogbo 600 bá gbọ́dọ̀ pé ní ọjọ́ 14, ẹ pè wá kí ó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọ̀la, nítorí a ṣì lè gbé 150 náà fún ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní owó ara wa.”

Kò sí “ìṣòro” níbẹ̀, kò sí “ìkùnà”, kò sì sí “ó ṣeni láàánú”. Síbẹ̀, ohun tí ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí pọ̀ ju ohun tí lẹ́tà tó korò jẹ́wọ́ lọ. Ẹ ó tún rí i pé “àṣìṣe” wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó korò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ó bá ń tọ́ka sí ohun kan pàtó, tí ẹni tó ṣe é sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí mo kórìíra ni “àṣìṣe kan wáyé”, níbi tí àṣìṣe ti dá rìn wá fúnra rẹ̀, tí kò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Bí ọ̀gá yín bá sọ pé kí ẹ yọ “àṣìṣe” náà, ẹ ṣàlàyé fún un pé òun ló mú kí oníbàárà gba ọjọ́ 22 gbọ́, nítorí ẹni tó mọ ohun tó fa ìdádúró lè fojú ara rẹ̀ wọn bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó.

Ẹ kíyè sí bí mo ṣe tò ó. Mo fi 450 ṣáájú nítorí pé oníbàárà lè ṣe nǹkan pẹ̀lú rẹ̀ kíákíá, 150 sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní gbólóhùn kejì, tí ojú kò lè fò ó. Ètò yìí dára fún ẹni tó lè gba ìwé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà yìí nílò lọ́jọ́ kan náà, pé ó fẹ́ pín in fún 600 èèyàn lórí ìjókòó, 150 tó kù ni ìròyìn tirẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ohun tí ẹni tó ń kàwé máa fi ìròyìn náà ṣe ló ń sọ ibi tó yẹ kó wà. Ìtìjú ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Nígbà tí mo bá rí ìròyìn búburú ní ìpínrọ̀ kẹta, lẹ́yìn ọpẹ́ àti ìkíni gígùn, mo ti mọ̀ pé ìtìjú ló tò ó.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni ní irú ìkọ̀wé yìí kì í sọ tó. Kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ rere àti ọ̀rọ̀ búburú bá gbé iye kan náà, wọn kì í ti ọkàn èèyàn síbì kan náà. Ní ọdún 1982, Barbara McNeil àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí Amos Tversky wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń yan ìtọ́jú fún àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé nínú 100 èèyàn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 90 ló ń là á já. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé nínú 100, 10 ló ń kú. Iye kan náà ni, síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ ti ikú kọ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ ju àwọn tó gbọ́ ti ìyè lọ, àwọn dókítà tó kópa nínú rẹ̀ náà kò sì yàtọ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ọ̀rọ̀ rere lè ti ẹni tó ń yan nǹkan láìsí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí oníbàárà bá ti ní láti yan nǹkan, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iye náà hàn án. Ẹ má kọ pé “ìwé 9 nínú 10 ló máa ń dé láìlábàwọ́n bí a bá gbà á kọjá ọ̀nà yìí”, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ fi kún un pé 1 nínú 10 máa ń ká létí. Ẹ̀gbẹ́ kejì yìí kò gùn, kì í sì í ba gbólóhùn jẹ́.

Níbi tí ewu bá wà, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ọ̀rọ̀ tó tura. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1990, ọkọ̀ òfuurufú Avianca tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 52 ń bọ̀ láti Colombia lọ sí New York. Ojú ọjọ́ kò dára, wọ́n sì ní kí ó máa yí po lójú ọ̀run fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Epo rẹ̀ ń tán. Awakọ̀ kejì sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ nílẹ̀ pé àwọn nílò kí a fi àwọn ṣáájú, ó tún sọ lẹ́yìn náà pé epo ń tán lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fìgbà kan kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Àwọn tó wà nílẹ̀ gbọ́ ìbéèrè kan láàárín ọ̀pọ̀ ìbéèrè alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bó ṣe wà létò. Ọkọ̀ náà gbìyànjú láti balẹ̀, kò ṣeé ṣe, nígbà tó sì ń padà bọ̀ fún ìgbà kejì, epo tán pátápátá. 73 ló kú nínú 158 tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò kéré sí bí nǹkan ṣe rí ni. Nítorí náà, bí inki kan bá lè ṣe ọmọdé léṣe, bí ẹ̀rọ kan bá lè gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, “ewu” ni kí ẹ kọ, kí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ “rárá” náà, “rárá” ni kí ó jẹ́. Yíyí “a kò lè ṣe é kí ẹ tó san àsansílẹ̀” padà sí “a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àsansílẹ̀ yín bá wọlé” dára, nítorí ọ̀nà wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbólóhùn kejì sì ló fi ọ̀nà náà hàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà, tí ẹ sì kọ pé “a ó tún gbé ìbéèrè yín yẹ̀ wò”, ẹ ti mú kí ẹlòmíràn máa dúró de ohun tí kò sí. Ẹ kọ pé ẹ kò ní lè gba iṣẹ́ náà, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ irú ilé iṣẹ́ tó lè ṣe é bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó fi lẹ́tà èyíkéyìí ránṣẹ́, ẹ gbé e fún ẹnì kan nínú ilé iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, akọ̀wé owó tàbí awakọ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó dá a padà fún yín, kí ẹ wá bi í pé: Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló fà á? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ọjọ́ wo ni yóò yanjú, kí sì ni oníbàárà ní láti ṣe báyìí? Ẹ má ràn án lọ́wọ́ rárá. Ìbéèrè tí kò bá lè dáhùn, ẹ wá gbólóhùn tó yẹ kó gbé ìdáhùn náà nínú lẹ́tà yín. Ẹ ó sábà rí i pé ọ̀rọ̀ kan tó dùn gbọ́ ló jókòó síbẹ̀, “àtúnṣe”, “láìpẹ́” tàbí “àwọn ìdí kan”. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ kọ iye, ọjọ́ tàbí orúkọ ohun náà síbẹ̀, kí ẹ sì tún gbé e fún ẹlòmíràn tí kò tíì rí i.